Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ àti ìbẹ̀rù kókó inú ọpọlọ: kí ni ó yẹ kí ó mú ènìyàn fura?

Aránṣọ Àjàṣẹ́ kọ̀wé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí. Ọmọ ọdún 36 ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́, mo sì ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí tí orí ti ń fọ́ mi lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tí ó ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já gbà mí lórí láti iwájú dé ìpàkọ́, tí wọ́n sì ń fún un díẹ̀díẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọwọ́ ọ̀sán ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo bá ti jókòó ti ẹ̀rọ pẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan sẹ́yìn, òun gan-an ni ó ń jí mi láàárọ̀.

Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 12 lórí 7. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ibà, wọn kò rí i. Mo ti pààrọ̀ awò ojú mi pẹ̀lú. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé àbúrò oníbàárà mi kan kú lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kútọnu. Wọ́n ní kókó ni ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, àti pé orí fífọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó dìde lórí ibùsùn, n ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ orí mi káàkiri bóyá n ó rí ibi tí ó wú. Ọkọ mi ní kí n yé ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n máa wò gan-an? Ṣé kí n lọ ya àwòrán orí ni?

Bàbá Wàndó kọ̀wé:

Ọmọ mi, má fi èyí ṣeré rárá. Dókítà kan sọ ọ́ létí mi nígbà kan pé ẹ̀fọ́rí ọ̀sán, iṣẹ́ àti oòrùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí tí ó bá ń jí ènìyàn láàárọ̀, kókó inú ọpọlọ ni. Ohun tí o sọ pé ó ti kúrò ní ọ̀sán tí ó ti di ti àárọ̀ yìí ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Bí o bá ní ìyekan ní Kútọnu, lọ bá wọn gbé títí wọn yóò fi yẹ̀ ọ́ wò.

Nọ́ọ̀sì Kétu kọ̀wé:

Ẹ kú àánú ọmọ, Bàbá. Apá kan ọ̀rọ̀ yín jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo mọ̀ pé arábìnrin yìí kò ní sùn lálẹ́ òní bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ ni pé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ ní gbogbo òru, agbára omi àti ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú agbárí a máa lé sí i, nítorí náà ẹni tí kókó ti ń gba àyè lọ́wọ́ ọpọlọ rẹ̀ lè jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọ́rí àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá rìn. Ènìyàn yóò máa bì, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé inú kọ́kọ́ rìn ín. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tí ó wúkọ́ tàbí tí ó fi agbára yàgbẹ́, orí yóò le sí i. Bí ó bá sì ti dìde rìn fún wákàtí kan tàbí méjì, ó lè dẹ̀. Àní, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní kókó kò tilẹ̀ ní irú ẹ̀fọ́rí àárọ̀ yìí. Tiwọn dà bí ẹ̀fọ́rí lásán, ọlọ́jàá, bíi ti aránṣọ wa yìí gan-an. Nítorí náà, a kò lè fi bí orí ṣe ń fọ́ nìkan dá ọ̀ràn yìí lẹ́jọ́. Ohun tí ó bá ẹ̀fọ́rí náà rìn, àti bí ó ṣe ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ni a ń wò.

Àǹtí, ìbéèrè mi nìyí, iṣẹ́ yín sì ni n ó fi bi yín. Ṣé ẹ ṣì ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ṣé sísọ́ọ̀sì máa ń já bọ́ lọ́wọ́ yín láìròtẹ́lẹ̀, pàápàá láti ọwọ́ kan ṣoṣo? Ṣé ẹ ń fi èjìká kan gbá férémù ilẹ̀kùn bí ẹni pé ẹ kò rí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ-iṣẹ́ yín ti sọ pé ẹ ń pe orúkọ nǹkan tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀, tàbí pé ìwà yín yí padà? Ṣé gìrì ti gbé yín rí? Ti ọwọ́ tí ẹ fi ń tẹ orí nì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Eegun ni agbárí àgbàlagbà, kókó inú rẹ̀ kì í sì í sábà wú jáde síta tí ọwọ́ fi lè kàn án.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi, ẹ kò sì mẹ́nu bà á rárá: irú oògùn wo ni ẹ ń lò, ọjọ́ mélòó lóṣù ni ẹ sì ń lò ó?

Aránṣọ Àjàṣẹ́ kọ̀wé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tí mo ní. Àná gan-an ni mo fi okùn bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mẹ́ta fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ láìtan iná.

Ṣùgbọ́n ti oògùn ni ó dà mí láàmú. Ojú tì mí díẹ̀. Mo ṣí àpótí kékeré tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi, níbi tí mo máa ń ju páálí oògùn sí, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Páálí parasẹtámọ́ọ̀lù oníkafeyínì mẹ́sàn-án ni ó ti ṣófo láàárín oṣù tí a wà yìí nìkan. Mo máa ń lo méjì láàárọ̀ kí n tó jókòó ti ẹ̀rọ, mo sì tún máa ń lo méjì lálẹ́ bí iṣẹ́ bá pọ̀. Bí mo bá sì fẹ́ ṣe àṣemọ́jú fún aṣọ ìgbéyàwó, mo máa ń fi hóró aláwọ̀ méjì kan, pupa àti àwọ̀ ewé, kún un, èyí tí mo ń rà lọ́wọ́ obìnrin tí ó ń pa àtẹ oògùn lọ́jà. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ọjọ́ tí n kò lo oògùn kankan nínú oṣù yìí kò ju mẹ́rin lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ṣákétẹ́ kọ̀wé:

Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítorí kókó ni tirẹ̀ lóòótọ́, kò sì jọ ohun tí ẹ̀yin ń sọ yìí rárá.

Olùkọ́ ni, ó jẹ́ ẹni ọdún 48 nígbà náà. Ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kéré débi pé kò ra oògùn sí i. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọbẹ̀ jóná nínú ilé tí èéfín bo gbogbo yàrá, tí ọkọ rẹ̀ sì jókòó tí í, kò gbọ́ òórùn kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ láìṣe àtúnṣe wọn. Ẹni tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ di ẹni tí ó ń jókòó lórí ibùsùn títí agogo mẹ́wàá pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Níbi ìsìnkú àbúrò ìyá wa, ó ń rẹ́rìn-ín. A ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é ni. A gbé e lọ gbé e bọ̀ fún oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa, kí gìrì tó gbé e ṣubú níwájú kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìgbà náà ni a tó gbé e lọ sí Kútọnu, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì rí kókó tí ó tó ọsàn kékeré ní iwájú orí, tí ó hù láti ara awọ tí ó bo ọpọlọ, kì í ṣe láti inú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwà rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Imú rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ òórùn mọ́ títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé orí ha fọ́ ọ bí, n ó ní bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́rí ni a ń dúró dè, à bá ti sin ín.

Olùṣirò Àjàṣẹ́ kọ̀wé:

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, mo rò pé àròyé yìí ti pọ̀ jù. Ẹ̀fọ́rí ṣe èmi náà fún ọdún kan, gbogbo ènìyàn ní kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. Mo ko owó mi jọ, mo lọ ya àwòrán orí ní Kútọnu fúnra mi, wọn kò rí nǹkan kan, mo sì sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ṣákétẹ́ gan-an fi hàn pé ẹ̀rọ ni ó rí kókó náà, kì í ṣe ìbéèrè. Kí ni ìdí tí a ó fi máa béèrè lọ́wọ́ arábìnrin yìí bóyá sísọ́ọ̀sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ lè fi inú orí rẹ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan?

Dókítà ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ̀wé:

Ìwòsàn àrùn inú ọpọlọ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ fàyè gbà mí kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ mi lẹ́nu: ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í dùn ènìyàn. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé e, ẹni tí a ń gé ọpọlọ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Awọ tí ó bò ó àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ni ó ní ìrora. Ìdí nìyí tí kókó fi lè dàgbà jìnnà láìsí ẹ̀fọ́rí, títí yóò fi na awọ yẹn tàbí tí yóò fi dí ọ̀nà omi tí ń ṣàn nínú orí. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti sábà máa ń ba iṣẹ́ apá ọpọlọ tí ó wà jẹ́: ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú, ọ̀rọ̀ sísọ, ìwà, tàbí kí ó dá gìrì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ṣákétẹ́ ti ya àwòrán rẹ̀ fún yín ju bí ìwé wa ti ń ṣe lọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé gìrì tí ó bá kọ́kọ́ gbé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ mú kí a ya àwòrán orí, ṣùgbọ́n kì í ṣe kókó nìkan ni a máa ń rí. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọmọ aràn tí ẹlẹ́dẹ̀ máa ń ní, tí ẹyin rẹ̀ ń bá oúnjẹ tàbí omi tí ìgbẹ́ ènìyàn ti bà jẹ́ wọlé sí wa lára, lè fara sin sínú ọpọlọ kí ó sì dá gìrì sílẹ̀. Oògùn ni wọ́n fi ń wo ọ̀pọ̀ irú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Olùṣirò, ẹ̀rọ ni ó rí kókó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó yẹ kí ó ti gbé ọkùnrin náà dé iwájú ẹ̀rọ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ka irú èyí, nínú 1,000 ènìyàn tí wọ́n gbé ẹ̀fọ́rí nìkan tọ dókítà ìdílé lọ, nǹkan bí ẹnì kan ni ó ní kókó. Bí a bá wá yẹ ẹni náà wò tí gbogbo ara rẹ̀ pé, ó tún kéré sí i. Ní ìdàkejì, ẹ̀rọ olóòfà tí ó ń yàwòrán dáadáa jù máa ń rí ohun tí a kò wá lára ènìyàn bíi méjì tàbí mẹ́ta nínú 100 tí kò ní àìsàn kankan: àpò omi kékeré, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú. Púpọ̀ nínú wọn kò ní pa ẹnikẹ́ni lára láéláé, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti sọ ọ́ fún kì í padà sùn bí ọmọ tuntun mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí aránṣọ wa gbà lọ́wọ́ dókítà kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n pa iná yàrá, kí ó tẹjú mọ́ ibi jíjìn kan lára ògiri, kí wọ́n sì fi iná kékeré tí a fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú wò ó. Orí iṣan ojú wà níbẹ̀, ó rí róbótó, etí rẹ̀ a sì mọ́ kedere bíi ti òṣùpá. Bí agbára inú orí bá ti lé jù fún ìgbà díẹ̀, etí yẹn yóò wú, yóò sì ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lókè, kí ó dijú. Bí ọwọ́ kan bá ń rọra yí tí ó sì ń bọ̀ wálẹ̀, ó ní ìtumọ̀. Kí ó rìn lórí ìlà kan, gìgísẹ̀ sí ìka ẹsẹ̀. Kí dókítà mi ìka ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó rí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀yìn ojú tí ó mọ́ kò túmọ̀ sí pé kò sí kókó rárá, nítorí kókó kékeré kì í sábà gbé agbára inú orí sókè. Ṣùgbọ́n bí ìtàn, ojú, ọwọ́ àti ìrìn bá mọ́ lápapọ̀, èmi kì í rán ènìyàn lọ ya àwòrán.

Ní ti páálí mẹ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì Kétu ti mọ ibi tí ó ń lọ. Bí ẹni tí orí ń fọ́ bá ń lo parasẹtámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofẹ́ẹ̀nì lásán ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ a máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlùpọ̀, bí èyí tí ó ní kafeyínì tàbí kodeyínì nínú, tàbí tramadọ́ọ̀lù, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ràn àárọ̀, nítorí pé òru ni oògùn tán lára. Bàbá Wàndó, ẹ wá rí i pé ohun tí ó lè fa ẹ̀fọ́rí àárọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, Àǹtí, ẹ mú hóró aláwọ̀ méjì yẹn lọ fún dókítà. N kò lè mọ̀ ọ́n láti ibí. Bí ó bá jẹ́ tramadọ́ọ̀lù, tí ẹ bá ń gbọ̀n tàbí tí ẹ ń làágùn nígbà tí ẹ kò bá lò ó, ẹ má ṣe dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n rọra dín in kù fún yín. Ti parasẹtámọ́ọ̀lù ni a lè dá dúró lójijì. Ẹ mọ̀ pé orí yóò kọ́kọ́ le sí i, láti ọjọ́ méjì títí dé bíi mẹ́wàá, kí ó tó máa dẹ̀.

Olùṣirò Àjàṣẹ́ kọ̀wé:

Mo dúpẹ́, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ kò dáhùn ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní àìsàn pẹ̀lú.

Dókítà ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ̀wé:

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi mí. Ìwádìí kan wà láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2005, lára 150 ènìyàn tí orí ń fọ́ lójoojúmọ́. Wọ́n ya àwòrán orí fún apá kan, wọn kò yà á fún apá kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rù àwọn tí a ya àwòrán wọn ti dín kù. Nígbà tí ọdún kan pé, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí n má baà fi apá kan pamọ́ fún yín: owó tí ilé ìwòsàn ná lórí àwọn tí ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ jù nínú wọn dín kù lẹ́yìn náà bí a bá ti ya àwòrán fún wọn. Àwa oníṣègùn kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Èmi a máa dúró, ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó wà ní yàrá kejì a sì máa rán wọn lọ.

Ìyá Ìbejì, Pọ̀bẹ́, kọ̀wé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ mi Táíwò, ọmọ ọdún méje, ti ń pariwo orí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó máa ń bì láàárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn a dẹ̀ fún un, a sì máa ṣeré. Ó tún ti ń ṣubú jù, mo rò pé bàtà ni. Ìdajì parasẹtámọ́ọ̀lù ni mo ń fún un, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣé oògùn náà ni ó ti pọ̀ jù fún òun náà?

Nọ́ọ̀sì Kétu kọ̀wé:

Ìyá Ìbejì, rárá o, ti yín kò jọ ti aránṣọ. Oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè dá èyí sílẹ̀. Ọmọ tí ń bì láàárọ̀, tí orí ń fọ́, tí ìrìn rẹ̀ sì ti ń yẹ̀, a kì í fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kí ẹ sọ nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ fún wọn: bíbì àárọ̀, orí, àti ṣíṣubú. Bí ẹ bá sọ orí nìkan, wọ́n lè fún yín ní oògùn ibà kí wọ́n sì dá yín padà. Ó lè má jẹ́ kókó, ṣùgbọ́n èyí gan-an ni irú èyí tí a ń ya àwòrán orí fún láìjáfara.

Bàbá Wàndó kọ̀wé:

Dókítà, ẹ ti tọ́ mi sọ́nà, n kò sì bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka gbogbo èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ti ara mi. Ẹni ọdún 63 ni mí. Orí kì í fọ́ mi rí láyé mi, ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó ti ń fọ́ mi níhà ọ̀tún, tí ó sì ń pọ̀ sí i. Kò sí oògùn ẹ̀fọ́rí tí mo ń lò. Aspirínì kékeré tí wọ́n kọ fún ọkàn mi nìkan ni. Àwọn ọmọ mi ní mo ń sùn jù lọ́sàn-án, mo ní ọjọ́ orí ni. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi máa ń bọ́ sẹ́yìn, n kì í sì í mọ̀ títí ẹnìkan yóò fi pè mí. Ṣé àgbà ni?

Dókítà ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ̀wé:

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti ṣubú tàbí fi orí gbá nǹkan láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí ó ti wù kí ó kéré tó?

Bàbá Wàndó kọ̀wé:

Alùpùpù zẹmí kan gbé mi ṣubú ní bí ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo dìde fúnra mi, mo gbọn aṣọ mi, mo sì rìn lọ sílé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Dókítà ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ̀wé:

Kí ọmọ yín kan gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kí ó má jẹ́ zẹmí ni yóò gbé yín. Ẹ̀fọ́rí tuntun ní ẹni tí ó ti lé ní ọdún 50, tí ó ń pọ̀ sí i, pẹ̀lú oorun tí kò yẹ àti ẹsẹ̀ kan tí kò gbọ́ràn, kò nílò kí a jiyàn lórí àwòrán. N kò fura sí kókó nínú ti yín tó bí mo ti fura sí ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ àgbà a máa sún kì díẹ̀, àyè a sì ṣí láàárín rẹ̀ àti agbárí. Bí iṣan kékeré kan bá já nígbà ìṣubú, ẹ̀jẹ̀ yóò máa kán sínú àyè yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìyára, aspirínì sì lè mú kí ó rọrùn fún un. Ẹ mú páálí aspirínì náà dání. Kí ẹ sọ ti ìṣubú náà kí ẹ tó sọ ti orí.

Aránṣọ Àjàṣẹ́ kọ̀wé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje):

Mo ṣèlérí pé n ó padà wá. Dókítà tí mo lọ bá pa iná yàrá, ó wo ẹ̀yìn ojú mi, ó ní etí rẹ̀ mọ́. Mo rìn lórí ìlà, mo na ọwọ́. Ó ní ó dá òun lójú tó pé òun kò ní rán mi lọ ya àwòrán báyìí. Nígbà tí mo sọ fún un pé ara mi máa ń gbọ̀n lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn hóró aláwọ̀ méjì, ó ní kí a ṣe é bíi tramadọ́ọ̀lù. Ó dín in kù fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Parasẹtámọ́ọ̀lù, mo dá a dúró lọ́jọ́ kan náà.

Kò sí ẹni tí yóò fi dídùn ṣèlérí fún ẹlòmíràn nípa ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, mo bì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tí mo ń sunkún, nítorí mo rántí pé bíbì wà lára àmì. Nọ́ọ̀sì Kétu ni mo kọ̀wé sí níkọ̀kọ̀, ó sì bi mí bóyá ojú mi, ọwọ́ mi àti ìrìn mi yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọn kò yàtọ̀. Ó ní kí n dúró títí di ọjọ́ keje, kí n sì lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀ bí bíbì náà bá rékọjá ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ti dẹ̀.

Mo lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi, mo sì ń fi búlúù sàmì sí ọjọ́ oògùn. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, pupa jẹ́ mẹ́sàn-án, búlúù jẹ́ mẹ́ta. Èyí tí ó kù, apá kan orí ni ó ń gbá, ìmọ́lẹ̀ a máa ta mí lójú, ó sì máa ń dé nígbà tí nǹkan oṣù mi bá fẹ́ wá. Dókítà ní túúlu ni, ó sì bi mí bóyá ó ti ń ṣe mí láti ìgbà ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti gbàgbé ni, nítorí pé ẹ̀fọ́rí ojoojúmọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n ní túúlu tẹ́lẹ̀ ni oògùn àlòjù sábà máa ń mú. A kò tíì fẹnu kò lórí oògùn tí n ó máa fi dènà rẹ̀.

Mo ṣì ń fi ọwọ́ tẹ orí mi láàárọ̀ nígbà mìíràn. Bàbá Wàndó ń kọ́? A kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ìyá Ìbejì náà kò padà wá.

Bàbá Wàndó kọ̀wé:

Ọmọ rẹ̀ ni mo ń kọ èyí láti orí fóònù wọn. Ẹ kú àfojúsọ́nà. Wọ́n ya àwòrán ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ dúdú ni wọ́n bá níhà ọ̀tún, ó ti ti ọpọlọ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n lu ihò kékeré méjì sí agbárí, wọ́n sì fà á jáde. Bàtà kò bọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí a padà wá ya òmíràn ní oṣù tó ń bọ̀, nítorí ó lè tún kó jọ, àwọn oníṣègùn kò sì tíì fẹnu kò lórí ìgbà tí wọn yóò dá aspirínì ọkàn wọn padà. Bàbá ní kí n bi aránṣọ pé ṣé ó ń gba iṣẹ́ fìlà.